Owó ilé-ìwé fún ọdún mẹ́wàá: ibo ni kí ó wà?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówùú, ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tó pé ọdún mẹ́jọ báyìí. Bí ó bá ń yege, yóò ṣe báàkì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí i, yóò sì nílò owó yàrá àti oúnjẹ nílùú ńlá. Owó òwú ní tirẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò. Tó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án tí ilé-ìwé ń wọlé, ti èṣí ti tán, ti ọdún yìí ṣì wà lóko.

Ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí owó náà bímọ. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó òwú ra abo àgùtàn méjì. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń lóyún. Ẹ tọ́jú àwọn abo, kí ẹ ta àwọn akọ nígbà tí Iléyá bá kù díẹ̀, torí ìgbà yẹn ni owó wọn ń ga. Ẹ má ṣe fo abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn. Bí àrùn bá pa wọ́n lọ́dún kejì, ẹ ṣì ní ọdún mẹ́jọ láti fi tún un ṣe. Lọ́dún kẹsàn-án, kò sí àyè mọ́.

Nítorí náà, láti ọdún kẹfà, ẹ máa tà wọ́n díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé owó rẹ̀ lọ sí kẹ́ẹ̀sì àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n tì í mọ́lẹ̀ fún àkókò tí ẹ jọ fi ọwọ́ sí. Ká ní 200,000 fáránkì ni, tí èlé jẹ́ mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún: oṣù méjìdínlógún yóò bí 12,000. Oṣù tí owó náà máa jáde ló ṣe pàtàkì jù. Èyí tí ẹ bá tì ní oṣù Kẹta ọdún kẹsàn-án fún oṣù méjìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án ọdún kẹwàá gan-an ni yóò jáde. Bí ẹ bá tì í fún ọdún méjì, oṣù Kẹta ni yóò bọ́ sí, ọmọ á sì ti dé ìlú ńlá láìsí owó. Bí ẹ bá sì gbà á kí àkókò tó pé, èlé lè bọ́.

Owó òwú ọdún kẹwàá, inú ìwé ìfowópamọ́ lásán ni kó wà, kí ẹ lè gbà á lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́.

Alájọ ojoojúmọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ń dá 500 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, 15,000 ló máa gbà. Alájọ mú 500. Ó dára fún ìwé àti aṣọ ilé-ìwé ọdún kan, kò dára fún ọdún mẹ́wàá.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé ní kẹ́ẹ̀sì, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ lé owó náà bí ẹ bá jẹ wọ́n ní gbèsè. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi sí orúkọ ẹlòmíràn nínú ilé tí kì í yá owó níbẹ̀.