Ìgbà Tí A Bá Ń Lọ Gbé E Ni Ewu Wà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ eré ìdárayá tí ẹ wà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, mo mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti ń lọ sópin, tí íńtà-háòsì bá sì ti ń kan ilẹ̀kùn, gbogbo yín lẹ máa ń kó jáfẹ́líìnì, dísíkọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀tù jáde látinú yàrá ìkẹ́rùsí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti bí ọmọ yóò ṣe ju nǹkan jìnnà. Ìyẹn yóò wá tó bá yá. Bí gbogbo wọn yóò ṣe padà sílé bí wọ́n ṣe wá ni mo ń wí.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ a máa rò pé ìgbà tí irin bá wà lófuurufú ni ewu wà. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó yá jù, tó ti kọjá ìlà kí irin tó balẹ̀, òun náà máa ń fa jàǹbá. Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 2012, ní ìlú Düsseldorf ní ilẹ̀ Jámánì, adájọ́ eré kan, ẹni ọdún 74, jáde lọ wọn ibi tí jáfẹ́líìnì balẹ̀ sí, ṣùgbọ́n irin náà kò tíì balẹ̀. Ọ̀fun ló bá a, ó sì kú. Ọmọdé ló jù ú, ọmọ náà kò sì ṣẹ̀. Ṣe ẹ rí i, ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni adájọ́ yẹn, orí pápá gidi ló wà, àwọn òṣìṣẹ́ sì yí i ká. Kí wá ni a fẹ́ retí lọ́dọ̀ ọmọ ọdún 12 tó ń sáré lọ wo bóyá tirẹ̀ ló jìnnà jù?

Orí ilẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ní, kò sì sí ògiri yí i ká. Ọ̀nà àbùjá a máa gba àárín rẹ̀ kọjá: ìyá tó ń ti oko bọ̀, ọmọ tó ń kiri ọjà, ewúrẹ́ àti màlúù. Ẹ jẹ́ ká mú pápá kan tó rí báyìí, kí kíláàsì ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, kí ọ̀nà àbùjá sì gba ẹ̀yìn òpó góòlù kọjá, kí ẹ sì ní ọmọ 36 lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ẹ yan ìhà tí ẹ ó máa jù sí. Kíláàsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn yín, kò gbọdọ̀ wà níwájú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ ń ṣe é, ẹ má ṣe kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí ọmọ tí oòrùn ń tàn sí lójú kò ní rí ohun tó ń bọ̀ nílẹ̀. Ẹ fi ọmọ méjì tó lóye ṣọ́ ọ̀nà àbùjá náà, ọ̀kan ní orí rẹ̀ níhìn-ín, ìkejì ní orí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n na ọwọ́ sókè nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀. Bí ẹ bá ti rí ọwọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jù. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹfun tàbí eérú fa ìlà méjì. Ọ̀kan ni ìlà ìjù, ìkejì ni ìlà ìdúró, ó kéré tán mítà mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá kàn kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́yìn ìlà ìdúró. Níwájú, ẹ nílò ibi tí irin yóò balẹ̀ sí, kò sì yẹ kí ẹ fojú wọ̀n ọ́n. Okùn àti èèkàn tó fún un. Ẹ kan èèkàn kan mọ́ àárín ibi tí a ti ń jù, ẹ fa okùn mítà 20 jáde láti ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí òpin okùn méjèèjì jìnnà síra ní mítà 12 gan-an. Igun tí ìyẹn bá fún yín ni igun tí òfin eré fún ṣọ́ọ̀tù àti dísíkọ́ọ̀sì. Ti jáfẹ́líìnì há jù bẹ́ẹ̀ lọ: mítà 20 náà ni, àmọ́ mítà mẹ́wàá ni òpin méjèèjì fi jìnnà síra. Ṣùgbọ́n igun yẹn, ìdíje ló wà fún. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ fi mítà mẹ́wàá mìíràn sílẹ̀ lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi 20 sílẹ̀ kọjá ibi tí ẹni tó lágbára jù láàárín wọn lè jù ú dé.

Mo mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí. Ní oṣù Júláì ọdún 2007, ní Róòmù, Tero Pitkämäki ará Fínláǹdì, ọ̀kan lára àwọn tó mọ jáfẹ́líìnì jù láyé nígbà náà, yọ̀ díẹ̀ nígbà tó ń jù ú. Irin náà yà sí òsì, ó sì gún Salim Sdiri, ará Faransé tó wà níbi ìfò jínjìn. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ti ọ̀gá bá lè yà bẹ́ẹ̀, ti akẹ́kọ̀ọ́ yín ńkọ́?

Ilẹ̀ tiwa náà ní ìwà tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ pupa a máa le koránkorán. Jáfẹ́líìnì kì í wọlé, ńṣe ló máa ń sùn, tí á sì yọ̀ lọ síwájú. Dísíkọ́ọ̀sì tó bá balẹ̀ a ta, á dìde dúró ní etí rẹ̀, á sì yí lọ kúrò nínú ìlà. Nítorí náà, "ó ti balẹ̀" kò tó. "Ó ti dúró" ni kí ẹ máa retí. Nígbà òjò, koríko tútù ló ni wàhálà tirẹ̀: ọwọ́ kì í di dísíkọ́ọ̀sì tó tutù mú, ó sì lè já kúrò lọ́wọ́ ọmọ lọ sẹ́yìn nígbà tó bá ń fì í. Ẹ fi àkísà kan sẹ́bàá ìlà, kí wọ́n nu irin àti ọwọ́ kí wọ́n tó jù.

Dísíkọ́ọ̀sì ni mo bẹ̀rù jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó ń díje ní àgò àwọ̀n tó yí wọn ká, àwa kò ní in. Ibi tí kò bá sí àwọ̀n, ọmọ kò gbọdọ̀ yí ara rẹ̀ ká kó tó jù. Kó dúró, kó fì í lẹ́ẹ̀kan, kó jù ú, ó tán. Bó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ń jù, tó bá tètè tú u sílẹ̀, apá ọ̀tún ni irin yóò lọ. Bó bá dì í mú pẹ́ jù, á lọ sí òsì. Ẹ ó tipa bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ẹ ó sọ fún un. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa jù ú lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù sì sún sẹ́yìn tó mítà 20, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró gan-an lẹ́yìn ẹni tó ń jù.

Fún àwọn ọmọ 36 tí mo mẹ́nu bà, ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́fà, mẹ́fà-mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀tù, àwọn mẹ́fà lè wà lórí ìlà ìjù lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú mítà mẹ́rin láàárín ẹnìkan àti ẹnìkejì. Èyí tó bá wọn mu, kílò méjì tàbí mẹ́ta ni. Bí irin kò bá tó, ẹ rọ iyanrìn sínú ọ̀rá, ẹ fi aṣọ líle dì í, ẹ wọ̀n ọ́n. Ọparun tí a kò gbẹ́ ṣóńṣó sí lẹ́nu náà dára fún ọmọ tí kò tíì mú jáfẹ́líìnì rí. Irú irin kan ṣoṣo ni kí olùkọ́ kan máa mú lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ tó bá ní òun fẹ́ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí pápá kan, kò ní rí èyíkéyìí nínú wọn dáadáa.

Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ̀yìn ìlà ìjù ni kí ẹ dúró, níbi tí ẹ ti lè rí gbogbo ọwọ́. Ọ̀rọ̀ àṣẹ márùn-ún ni mo ń lò, wọn kì í sì í yí padà. "Ẹ bọ́ sí ìlà": irin ṣì wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí pápá. "Ẹ mú un." Ẹ wo iwájú, ẹ wo àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà, ẹ tó sọ pé "Ẹ jù ú." Bí ó bá jẹ́ jáfẹ́líìnì, orúkọ ọmọ ni ẹ ó máa pè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti jù yóò dúró sí ẹ̀yìn ìlà, ọwọ́ òfìfo. Bí gbogbo wọn bá ti jù, ẹ ka irin tó wà nílẹ̀; mẹ́fà jáde, mẹ́fà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn nìkan ni "Ẹ lọ gbé e." Ìkarùn-ún ni "Dúró!", pẹ̀lú fèrè gígùn kan, fún ìgbà tí ewu bá yọjú. Ẹni tó bá ń fì yóò rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Mi ò kì í jẹ́ kí fèrè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹ má sì lo "ó yá" rárá. Ọmọ kan á gbọ́ ọ pé kí òun jù, ìkejì á gbọ́ ọ pé kí òun lọ gbé, wọ́n á sì ṣe méjèèjì pọ̀.

Lílọ gbé e gan-an ló gba sùúrù. Rírìn ni, kì í ṣe sísáré. Jáfẹ́líìnì obìnrin, tó gùn ní mítà méjì lé díẹ̀, bó bá wọ ilẹ̀ ní ìdagun, ìdí rẹ̀ á ga tó ojú ọmọ ọdún 12. Ọmọ tó bá sáré wá, tí koríko sì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, orí ìdí yẹn ni yóò ṣubú lé. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa gba ẹ̀gbẹ́ wá bá a. Kí ọmọ kọ́kọ́ wẹ̀yìn pé kò sí ẹnikẹ́ni, kó fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú, kó fi ìkejì di ibi ìdìmú mú, kó gbé e dúró ṣánṣán, kó tó fà á jáde. Bó bá fà á sẹ́yìn ní gbọọrọ, àyà ẹni tó wà lẹ́yìn ni ìdí irin náà ń lọ. Bó bá ti yọ ọ́, kó gbé e ní ìdúró, ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kó sì rìn padà. Ṣọ́ọ̀tù tó ṣì ń yí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Kó dúró fúnra rẹ̀, kí ọmọ lóṣòó, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ohun tí a bá lọ gbé, a kì í jù ú padà, a kì í sì í yí i padà. Ọmọ tó bá ju irin padà sí ìlà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló dára jù láàárín wọn.

Bí ẹ bá parí, ẹ ka irin lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó tú wọn ká. Ẹ kó jáfẹ́líìnì padà sí yàrá ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹ fi ìdérí rọ́bà tàbí kọ́ọ̀kì bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì. Wákàtí tí agogo ìparí bá lù tán tí ẹ̀yin sì ti lọ ni wọ́n máa ń fẹ́ gbé e jáde fúnra wọn.