Kí Ló Dé Tí Síńkì Ń Ké Gbólógbóló Tí Omi Rẹ̀ Kò Tètè Lọ?

Ẹ̀kọ́ tèmi lóṣù yìí dá lórí síńkì ilé ìwẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé: bí omi síńkì kò bá tètè lọ, tó sì ń ké gbólógbóló bó ṣe ń lọ, ṣé ìdọ̀tí ló dí ọ̀nà omi ni, àbí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló dí? Ìró àwọn méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n àtúnṣe wọn kò jọra rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn á máa yọ irun nínú ihò lójoojúmọ́, síńkì ò sì ní yé ké.

Omi kì í lọ dáadáa bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé

Ẹ rántí mílíìkì alágolo tí a máa ń dà sí gáàrì. Bí ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo sí i, á máa kán tó, tó, tó, nígbà míì kò tiẹ̀ ní jáde. Tí ẹ bá lu ihò kejì sí òdìkejì, kíá ló máa tú. Ihò kejì yẹn kì í ṣe ti mílíìkì, ti afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ tún mú ike omi tó kún, kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ẹ máa gbọ́ gbóló, gbóló, gbóló. Omi díẹ̀ á jáde, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á wọlé, nítorí ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń dù. Tí ẹ bá wá lu ihò sí ìdí ike náà, ariwo á dákẹ́, omi á sì yára. Torí náà, ìró gbólógbóló kì í ṣe ohùn omi gan-an. Ohùn afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín omi kọjá ni.

Ohun tó wà lábẹ́ síńkì

Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síńkì, ẹ máa rí nǹkan kan tó dà bí ife oníke, tàbí páìpù tó tẹ̀ kọ́rọ́. Tíráàpù ni àwọn púlọ́ńbà ń pè é. Omi máa ń dúró sínú rẹ̀ nígbà gbogbo, ó kéré tán bí i sẹ̀ńtímítà 5. Omi yìí ni ilẹ̀kùn wa. Òun ni kò jẹ́ kí òórùn sókàwéè gba inú páìpù wá bá wa níbi tí a ti ń fọ eyín.

Láti ara tíráàpù, páìpù kan wọ inú ògiri lọ, ó lọ bá páìpù ńlá tó ń kó omi lọ sí sókàwéè. Ara páìpù ńlá yìí ni òmíràn ti gòkè, tó yọrí síta lórí òrùlé, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Páìpù afẹ́fẹ́ nìyẹn. Tí omi bá ń sáré lọ sísàlẹ̀, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ tẹ̀lé ara rẹ̀, orí òrùlé ló sì yẹ kó ti rí i gbà.

Bí ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ bá dí, omi ṣì máa wá afẹ́fẹ́. Ibi tó bá sún mọ́ ọn ló máa ti fà á, ìyẹn inú tíráàpù. Afẹ́fẹ́ á já gba inú omi tó wà níbẹ̀, a ó sì gbọ́ gbólógbóló. Bó bá fà á títí, omi inú tíráàpù lè tán. Ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn, òórùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ti ìdọ̀tí wá ńkọ́? Irun àti ọṣẹ tó ti dì máa ń sọ páìpù di tóóró. Omi á kún ibi tóóró yẹn bámú, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà míì ju kó padà sókè gba inú omi. Ìró kan náà ni. Ìdí nìyí tí etí nìkan kò fi lè dájọ́.

Àmì mẹ́ta tí a fi ń dá wọn mọ̀

Àmì kìíní: ṣé síńkì kan ni, àbí púpọ̀? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú ọ̀wọ́ kan ni kò tètè lọ, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ni, ohun tí wọ́n jọ ń lò ló níṣòro, yálà páìpù ńlá tàbí páìpù afẹ́fẹ́.

Àmì kejì: ìgbà wo ló ń ké? Síńkì tó ké lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí omi rẹ̀ ń tán lọ kò ṣàìsàn. Èyí tó ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè ní ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó, tó kàn ké nígbà tí wọ́n da omi sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì tàbí nígbà tí síńkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fà, ẹ fura sí páìpù tí wọ́n jọ ń lò.

Àmì kẹta: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò síńkì náà nígbà tó ń ké. Bí omi inú rẹ̀ bá ń fà sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń wá. Bó bá ń ru sókè, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló dí, omi ń ti afẹ́fẹ́ padà wá.

Àpẹẹrẹ kan: síńkì mẹ́rin lára ògiri kan

Ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì wa, síńkì mẹ́rin ló tò sí ara ògiri kan. Ẹ̀kẹta ló burú jù. Àwọn sínníọ̀ ní àwa júníọ̀ tó ń tú àtáṣímẹ́ǹtì níbẹ̀ la dí i, wọ́n sì fẹ́ kó má jẹ́ pé a tún dé ibẹ̀ mọ́ láàárọ̀. Ìyá Họ́sítẹ̀ẹ̀lì ní kí ẹnikẹ́ni má tíì jìyà, ká kọ́kọ́ wò ó pẹ̀lú púlọ́ńbà. Bàbá tó wá náà kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, torí náà Yorùbá ló fi ṣàlàyé fún wa.

A kọ́kọ́ fi aago wọ̀n ọ́n. A bu omi kún síńkì kọ̀ọ̀kan dé ibi ihò kékeré tó wà lókè, a sì tú u. Ẹ̀kẹta gba ìṣẹ́jú àáyá 130. Àwọn mẹ́ta yòókù gba bí i 35, a sì rò pé wọn ò ní wàhálà. Bàbá ní ká lọ wọn èyí tó wà ní ọ́fíìsì Ìyá Họ́sítẹ̀ẹ̀lì, irú kan náà ni. Àáyá 16 péré ló gbà! Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ẹ̀kẹta ní ìṣòro tirẹ̀, gbogbo wọn sì tún jọ ní òmíràn.

Bàbá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀kẹta, ó fọwọ́ yí ìdí tíráàpù sí apá òsì títí ó fi jáde. Irun àti ọṣẹ dúdú tó kún ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó yẹ rọ́bà wọ́ṣà wò bóyá ó ti ya. Kó tó dá a padà, ó da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan díẹ̀díẹ̀ sínú páìpù tó wọ ògiri. Gbogbo rẹ̀ lọ, kò padà wá. Ó ní, “Ẹ rí i? Páìpù yìí mọ́. Ká ní ó dí ni, omi ì bá ti bò wá lẹ́sẹ̀.” Ẹnu páìpù yẹn là sílẹ̀ nígbà náà, ni afẹ́fẹ́ ṣe bá omi wọlé fàlàlà.

Ó dá tíráàpù padà, ó fi ọwọ́ fún un, ó fi tíṣù gbígbẹ nù ún yí ká láti mọ̀ bó bá ń jò. A tún wọ̀n ọ́n: àáyá 36, ó sì ń ké síbẹ̀. Irun ti lọ, ṣùgbọ́n ó kàn bá àwọn yòókù dọ́gba ni. Ìyá Họ́sítẹ̀ẹ̀lì wá da omi sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, àwa tan tọ́ọ̀ṣì: omi inú ẹ̀kẹta gbọ̀n, ó fà sísàlẹ̀.

Bàbá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé àkàbà, wọ́n gun òrùlé. Ìtẹ́ ẹyẹ ló wà lẹ́nu páìpù afẹ́fẹ́, ewé gbígbẹ sì ti jábọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n kó o kúrò, wọ́n da omi sí i láti òkè, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, síńkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba àáyá 16 sí 18, wọ́n dákẹ́. Irun júníọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí júníọ̀ tó kọ́ ìtẹ́ sórí òrùlé.

Ohun tí ẹ lè ṣe, àti èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, ẹ lè lo pọ́ńjà onírọ́bà kẹ́ ẹ tó tú tíráàpù. Ẹ jẹ́ kí omi bo rọ́bà náà mọ́lẹ̀, ẹ fi àkísà tútù dí ihò kékeré tó wà lókè síńkì, kí ẹ wá tì í bí i ìgbà 15. Bí ẹ kò bá dí ihò yẹn, ibẹ̀ ni agbára yín máa gbà jáde. Bó bá sì jẹ́ síńkì tó tò pọ̀ ni, ẹ dí àwọn yòókù pẹ̀lú.

Ẹ má da omi tó ń hó sí páìpù oníke, ó lè rọ̀ kó sì wọ́. Ẹ má fi sóódà gbígbóná sí i, torí ẹni tó bá tú tíráàpù lẹ́yìn yín lè jóná lójú. Ẹ má sì pa bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ tọ́ílẹ̀ẹ̀tì láéláé. Èéfín olóró ló máa mú jáde. Orí òrùlé kì í ṣe tàwa ọmọ ilé-ìwé, púlọ́ńbà ló ni ín.

Ìdánrawò

1. Síńkì kan ń lọ díẹ̀díẹ̀, mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yára, wọn kì í sì í ké. Níbo ni ẹ máa kọ́kọ́ wò?
2. Kò sẹ́ni tó ń lo síńkì, omi inú ihò rẹ̀ ru sókè nígbà tí wọ́n da omi sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì. Ṣé páìpù afẹ́fẹ́ ni, àbí ọ̀nà ìsàlẹ̀?
3. Síńkì tí ẹnikẹ́ni kò lò ní gbogbo ìgbà họ́lidé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ní ọjọ́ tí a wọlé, ṣùgbọ́n kò ké, omi rẹ̀ sì ń lọ dáadáa. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀kùn omi rẹ̀, kí sì ni ẹ máa ṣe tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀?