Láti Inú Ohùn Dé Inú Ìwé: Àkọsílẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì Tó Ń Gba Iṣẹ́

Nínú yàrá ìdánrawò wa, a máa ń gba ohùn nọ́ọ̀sì tó ń parí iṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe ń ròyìn àwọn aláìsàn fún ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kálukú wa á gbọ́ ọ, á sì kọ àkọsílẹ̀ ṣókí jáde nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kí a kàn gé ọ̀rọ̀ náà kúrú ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé bí nǹkan ṣe ń wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ń gba iṣẹ́ fẹ́ mọ̀ ni ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tí àwọn olùkọ́ wa hun ìtàn rẹ̀ fún ìdánrawò yìí. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún sì mú un débi pé wọ́n ń bẹ̀rù gìrì. Ní aago 1 ọ̀sán, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ mágínísíọ̀mù: gíráàmù 4 sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, àti gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ó bímọ ní aago 3. Ní aago 5 wọ́n fún un ní gíráàmù 5 sí ìdí òsì. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń fún un, títí wákàtí 24 yóò fi pé lẹ́yìn ìbímọ. Aago 8 alẹ́ ni wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Nọ́ọ̀sì náà sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé, “Abẹ́rẹ́ tó kàn di aago 9, ìdí ọ̀tún.” Ó wá sọ̀rọ̀ ọmọ, ó sọ̀rọ̀ ọkọ tó lọ ra oògùn, ó sọ pé ìfúnpá jẹ́ 150/100 ní aago 7:30. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí ló ní, “Ìtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ o, 80 péré ló wà nínú àpò látìgbà tí mo ti dà á nù ní aago 4.”

Gbólóhùn méjì yìí jìnnà síra nínú ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Mílílítà 80 ní wákàtí mẹ́rin jẹ́ 20 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kó dín ní 30. Kíndìnrín ló ń tú mágínísíọ̀mù jáde. Bí ìtọ̀ bá kéré, oògùn náà á máa gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀: orúnkún ò ní ta mọ́ bí a bá fi òòlù kékeré kàn án, lẹ́yìn náà mímí á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ọkàn sì lè dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tó bá kọ “abẹ́rẹ́ ní aago 9” sókè, tó sì kọ ìtọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé, kò purọ́ kankan, síbẹ̀ ó ti ran nọ́ọ̀sì alẹ́ lọ́wọ́ láti fún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kó gbà.

Bí mo ṣe kọ tèmi nìyí:

“Abẹ́rẹ́ mágínísíọ̀mù ti aago 9 (gíráàmù 5, ìdí ọ̀tún): MÁ FÚN UN tí dókítà ò bá tíì fọwọ́ sí i. Ìtọ̀ 80 láti aago 4 sí 8. Wò ó bóyá rọ́bà ìtọ̀ ká tàbí ó sùn lé e. Pe dókítà báyìí. Ka mímí fún ìṣẹ́jú kan gbáko (kó má dín ní 16), kan orúnkún. Kálísíọ̀mù gulukonéètì, gíráàmù 1, kó wà nítòsí ibùsùn. Ìfúnpá 150/100 ní 7:30. Bímọ ní aago 3 ọ̀sán. Mímí àti orúnkún: ó ní wọ́n dára, kò sọ iye, kò sọ àkókò.”

Kálísíọ̀mù yẹn ni wọ́n ń fún aláìsàn sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, bí mágínísíọ̀mù bá ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn àkọsílẹ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kíláàsì. Nọ́ọ̀sì náà sọ pé, “Ó ń mí dáadáa.” Ẹnìkan nínú wa kọ 18, nítorí pé iye tí èèyàn sábà máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí 18 bá ti wọ inú ìwé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kà á. Ibi tí iye yẹ kó wà tí kò sí, ẹ kọ ọ́ pé kò sí, kí nọ́ọ̀sì tó ń gbaṣẹ́ lè béèrè kí ẹnìkejì tó gbé báàgì rẹ̀.

Ohùn tún ní wàhálà tirẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ka iye, jẹnẹrétọ̀ sì máa ń pariwo. “Éétì” àti “éétíìnì” lè jọra létí. Nítorí náà mo máa ń dá ohùn padà níbi tí iye bá wà, mo sì máa ń fi í wé ìwé tí wọ́n ń kọ ìtọ̀ sí. Bí méjèèjì bá takora, mi ò ní yan èyí tó wù mí. Méjèèjì ni màá kọ sílẹ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì jọ lọ wo àpò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.