Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Mílíìkì Ọmọ Ọwọ́

Ẹ ka àyọkà yìí.

Àǹtí yín ní Thamesmead fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà Beresford ní Woolwich. Kí wọ́n tó lọ, ó ní kí ẹ bá òun po mílíìkì fún ọmọ.

Ẹ bu lítà omi kan láti ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ sè é. Tó bá ti hó, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, àmọ́ kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Omi náà gbọ́dọ̀ gbóná tó 70°C, torí kòkòrò àrùn lè wà nínú mílíìkì gbígbẹ fúnra rẹ̀. Ooru omi ló ń pa á.

Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ bù sínú ìgò. Bí agolo bá ní ṣíbí kan fún mílílítà 30, ṣíbí márùn-ún ni fún 150. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá ojú ṣíbí kó tẹ́jú. Ẹ má kì í mọ́lẹ̀. Bí mílíìkì bá ki jù, ìgbẹ́ ọmọ á le. Bó bá ṣàn jù, ọmọ ò ní yó. Ẹ fi omi tútù rọ ìgò náà títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ti ọjà ńkọ́? Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni Àǹtí máa gbé sínú fúláàsì, mílíìkì gbígbẹ á wà lọ́tọ̀. Mílíìkì tí a ti pò kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, tàbí wákàtí 24 nínú firíìjì. Èyí tí ọmọ bá mu kù, ẹ dà á nù.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí omi kò fi gbọdọ̀ tutù jù?
2. Ṣíbí mélòó ni fún mílílítà 180?
3. Ẹ po mílíìkì ní aago mẹ́wàá, ẹ gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì. Aago kan ti lù báyìí. Kí ni ẹ ó ṣe?