Iṣan Ìdí Tó Ń Fún Pọ̀ Nígbà Tó Yẹ Kó Tú

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń yàgbẹ́ lójoojúmọ́, síbẹ̀ tí ìgbẹ́ kì í tán nínú wọn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á fi gbogbo agbára tì í títí òógùn á fi bò wọ́n, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò jáde. Bí wọ́n bá dìde, ó ń ṣe wọ́n bíi pé ìyókù ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tún padà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn míì ń fi ìka yọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ abẹ́ kó tó lè jáde, wọn ò sì jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ìtìjú yìí ló ń jẹ́ kí àìsàn tó ní ìtọ́jú pẹ́ lára èèyàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú

Láti egungun abẹ́ níwájú títí dé ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn iṣan kan tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìbàdí wa. Àwọn ló gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìparí ìfun ró. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀yìn ìfun yí ká, ó sì ń fà á síwájú. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń fà á, ọ̀nà ìgbẹ́ tẹ̀ kọ́rọ́, ìgbẹ́ ò lè jáde. Nígbà tí a bá jókòó láti yàgbẹ́, iṣan yìí àti èyí tó yí ihò ìdí ká gbọ́dọ̀ tú kí ọ̀nà lè tọ́, kí ikùn sì máa tì láti òkè. Ohun méjèèjì ní láti ṣẹlẹ̀ pọ̀.

Lára ẹni tó ní àìsàn yìí, bí ikùn ṣe ń tì ni iṣan ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dí i: bó bá ṣe ń lo agbára tó ni ilẹ̀kùn ṣe ń le tó.

Iṣan máa ń kọ́ ìwà yìí díẹ̀díẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé tí yàrá pọ̀ tó sì jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ni gbogbo ayálégbé ń lò kò ṣọ̀wọ́n. Láàárọ̀, bí èèyàn mẹ́rin bá ti wà lórí ìlà, ẹni karùn-ún á mú un mọ́ra, á lọ síbi iṣẹ́. Oníṣòwò ní Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun tí kò fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà á mú un mọ́ra dalẹ́. Ọmọ ilé ìwé tí ṣáláńgá ilé ìwé rẹ̀ dọ̀tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tí ìgbẹ́ líle ti ya nídìí rí á máa fún ìdí pọ̀ nítorí ìrora tó ń retí, ìdí náà sì lè má tú mọ́ lẹ́yìn tí egbò ti jinná. Ìbímọ náà lè dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sì wà tí a kì í rí ìdí kan pàtó.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n sábà máa ń pè é, àgbo Jankárà ni wọ́n sì ń sá lọ rà. Ewé àsúnwọ̀n òyìnbó tó wà nínú irú àgbo bẹ́ẹ̀ ń mú ìfun ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í kọ́ iṣan ní ohunkóhun. Inú á máa run, ìgbẹ́ á di omi, ìyókù á ṣì wà níbẹ̀. Oògùn kẹ́míìsì náà lè rí bẹ́ẹ̀.

Bí dókítà ṣe ń mọ̀ ọ́n

Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka kan sí ìdí, á wá ní kí ẹ tì bí ìgbà tí ẹ bá ń yàgbẹ́. Ó yẹ kí ó rí i pé iṣan tú lára ìka rẹ̀. Bí iṣan bá di ìka mú, ó ti rí ohun tó ń wá. Àyẹ̀wò kejì ni ti bàlúùnù kékeré tí wọ́n fi omi 50 mílílítà sí nínú ìdí, tí a ó ní kí ẹ jókòó ní ìkọ̀kọ̀ kí ẹ tì í jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá a máa ń tì í jáde láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí ẹ̀jẹ̀ yín bá lọ sílẹ̀, tàbí bí ìgbẹ́ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà lẹ́yìn ọdún 45, ẹ má tíì gba ti iṣan rò. Dókítà ní láti kọ́kọ́ wo inú ìfun yín bóyá kókó kan wà níbẹ̀.

Ìdárayá tí kò bá gbogbo èèyàn mu

Ní ọdún 1948, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń fi han obìnrin bí agbára iṣan abẹ́ rẹ̀ ṣe tó. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdárayá tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ti wá: fún abẹ́ pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra, kí o sì tú u. Ó dára fún ẹni tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbẹ́ kì í tán nínú rẹ̀ nítorí iṣan líle ti ń fún un pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, títú ló nílò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí báyófídíbáàkì ṣe ń kọ́ iṣan

Báyófídíbáàkì ni ìtọ́jú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ́ iṣan láti tú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan, ẹni ọdún 38 tó ń tajà ní Balógun, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, oníṣègùn fisiotẹ́rápì á fi rọ́bà tín-ín-rín kan tó ń gbọ́ agbára iṣan sí i nídìí, tàbí kí ó lẹ ohun kékeré méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí. Rọ́bà náà so mọ́ ẹ̀rọ. Ìlà méjì ló ń hàn lójú ẹ̀rọ: ọ̀kan fún agbára ikùn, èkejì fún ihò ìdí. Wọ́n ní kí ìyá tì, ìlà méjèèjì gòkè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ti ìdí ló yẹ kó lọ sílẹ̀.

"Ẹ má tì mọ́, Mà. Ẹ fa èémí sí ikùn, ẹ jẹ́ kí ìbàdí fẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí ìdí rọ̀ sílẹ̀." Ìlà ìdí lọ sílẹ̀ díẹ̀, ìyá sì fojú ara rẹ̀ rí i. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Iná kankan kì í wọ ara. Ohun tí ìyá ò lè mọ̀ lára ni ojú rẹ̀ ń sọ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ láti tì díẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí ìlàjì agbára rẹ̀ tàbí kó fi díẹ̀ lé e, kí ìlà ìdí má sì gòkè. Wọ́n á fi bàlúùnù sí i kó máa tì í jáde. Níkẹyìn, wọ́n á yí ojú ẹ̀rọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó ṣe é láìwò ó. Ìjókòó mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà, nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì láàárín.

Iṣẹ́ ilé wà pẹ̀lú. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, kó lọ jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kí orúnkún lè ga ju ìbàdí lọ, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó mí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé tí kò jáde, kó dìde. Jíjókòó tì í títí ló ń dá ìwà àtijọ́ padà.

Ní orílẹ̀-èdè Ítálì, wọ́n fi ìtọ́jú yìí wé oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ lára ènìyàn 109 tó ní àìsàn yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó fi ẹ̀rọ kọ́ iṣan ni ara wọn yá gidi. Lára àwọn tó ń lo oògùn, nǹkan bíi méjì nínú mẹ́wàá ni. Ẹni tó jẹ́ pé ìfun rẹ̀ ló ń falẹ̀, tí iṣan rẹ̀ ń tú dáadáa, kò ní rí àǹfààní bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ yìí. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ béèrè ní ẹ̀ka fisiotẹ́rápì, ní Ọ̀dàn tàbí ní Ìdí-Àràbà, bóyá wọ́n ń tọ́jú iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí. Oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ náà lè fi ìka àti bàlúùnù kọ́ iṣan bí ẹ̀rọ ò bá sí. Bí ẹ bá sì dé iwájú dókítà, ẹ jọ̀wọ́, bó bá jẹ́ pé ìka lẹ fi ń yọ ìgbẹ́, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn yẹn lè tètè tọ́ka sí iṣan fún un.