Aago Méjì Nínú Fídíò Oúnjẹ: Àkọsílẹ̀ Fún Iyán Gígún

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ń wo fídíò oúnjẹ ń múra àtilọ dáná ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àkúrẹ́ wo fídíò iyán kan láìpẹ́ yìí. Bí wọ́n ṣe da iṣu sínú ìkòkò ni iṣu ti dé inú odó, wọn kò sì sọ iye ìṣẹ́jú tó lò lórí iná. Ọ̀rẹ́ mi sọ tirẹ̀ kalẹ̀ kó tó jinná, ó sì gbé iyán oníkókó síwájú àlejò. Kókó tí àìjinná bá fà, gígún kì í mú un kúrò.

Aago méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú fídíò oúnjẹ: aago ìdáná àti aago fídíò. Ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo kọ fún iyán ṣàlàyé. Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ra iṣu, mo sì gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ìlú Oǹdó, níbi tí odó àti àgbàlá wà. Àwọn ló gún iyán, èmi ló di fóònù mú.

Àwòrán 1 (0:00–0:10). Láti òkè tààrà: iṣu, ọ̀bẹ àti omi lórí tábìlì. Ohun tí a kọ sójú fídíò:
- Iṣu funfun gbígbẹ, kìló 2
- Omi tó máa bo iṣu
- Ènìyàn 4 ni yóò jẹ ẹ́

Àwòrán 2 (0:10–0:20). Láti òkè: a bẹ iṣu, a gé e ní ìwọ̀n ìka méjì, a ṣàn án.

Àwòrán 3 (0:20–0:32). Láti ẹ̀gbẹ́: ìkòkò lórí iná, lẹ́yìn náà fọ́ọ̀kì tó wọ inú iṣu wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí a kọ: *Ìṣẹ́jú 25. Má da omi rẹ̀ nù.*

Àwòrán 4 (0:32–0:42). Láti ẹ̀gbẹ́: a kó iṣu sínú odó díẹ̀díẹ̀, a sì ń fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Àwòrán 5 (0:42–1:00). Láti ẹ̀gbẹ́: gígún gan-an. Ohun tí a kọ: *Ìṣẹ́jú 8 sí 10.*

Àwòrán 6 (1:00–1:15). A bu omi iṣu gbígbóná ṣíbí kan sí i, a yí i padà, a tún gún un.

Àwòrán 7 (1:15–1:25). Láti òkè: iyán nínú àwo, ìka bu ú, ó sì ń fà.

Àwòrán láti òkè dára fún ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbé lé ẹ̀yìn àga méjì, tí a fi rọ́bà so fóònù mọ́, ti tó fún un. Ṣùgbọ́n lórí ìkòkò, ooru á bo ojú kámẹ́rà, gbogbo nǹkan á sì ṣú. Lórí odó, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibi tí fóònù wà gan-an ni ọmọ odó ń gbà lọ sókè. Ìdí nìyí tí mo fi kọ "láti ẹ̀gbẹ́" síbẹ̀.

Ibi tí aago méjèèjì ti pàdé ni ìṣẹ́jú 25 yẹn. Lójú fídíò, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá lọ. Fún ẹni tó ń ya á, àsìkò iṣẹ́ ni. Iṣu gbọ́dọ̀ wọ odó nígbà tó ṣì gbóná, torí pé bí ó bá tutù, á le, iyán kò sì ní dán. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sí abẹ́ Àwòrán 3 pé: *kí iṣu tó jinná, gbé fóònù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, kí o sì dán an wò.* Ẹni tó bá dúró dìgbà tí iṣu bá jinná kó tó wá ibi tí yóò gbé fóònù sí, iyán ló máa san owó rẹ̀.

N kò fi orin sí Àwòrán 5. Bí iṣu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ odó, ìró rẹ̀ a máa dún gbì, gbì. Bí ó bá ti ń di iyán, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, ìró náà á sì yí padà sí pọ̀, pọ̀. Ìró yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi mọ ìgbà tí omi yẹ. Orin á bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ti ohun tí a kọ sójú fídíò, mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà ni mo fún un. Ẹ wò ó lórí fóònù kékeré pẹ̀lú, nítorí pé àwọn lẹ́tà kan kì í gbé àmì sórí ẹ àti ọ dáadáa. Bí àmì bá sì já, igbá omi lè di igba.

Kí ẹ tó gbé fídíò jáde, ẹ fi han ẹni tí kò gún iyán rí, kí ó sọ fún yín bí òun yóò ṣe ṣe é. Ibi tó bá ti dákẹ́ ni ẹ kò tíì kọ aago ìdáná sí.