"Ó" ni àbí "Wọ́n"?

Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí iye. Ọmọ kan lọ, ọmọ mẹ́wàá lọ. "Lọ" náà ni. Èyí ló ń mú kí àwọn kan máa rò pé kò sí ohun tó lè ṣini lọ́nà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe nínú èdè wa. Ó wà o. Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ ni ó sá pamọ́ sí.

Ẹ wo gbólóhùn yìí, irú èyí tí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń kọ sínú ìwé ìpàdé: "Ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wọ́n ti ra ilẹ̀, ó sì fẹ́ kọ́lé sí i." "Wọ́n" àkọ́kọ́ kò ní àléébù: àwọn aláṣọ ló ń tọ́ka sí, inú awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe ló sì jókòó sí. Ìkejì ni ó ṣì rìn. Ọkàn akọ̀wé ti lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣọ, ó gbàgbé pé "ẹgbẹ́" ni olórí àpólà náà. Nígbà tó máa fi dé "fẹ́", ó tún rántí ẹgbẹ́, ló bá kọ "ó".

Etí ló máa ń tètè rí àṣìṣe yìí ju ojú lọ. Ẹ yọ "wọ́n" kejì kúrò, kí ẹ kà á sókè: "Ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti ra ilẹ̀." Ẹ ó gbọ́ pé ẹnu fa ìparí "títì", ohùn òkè sì bọ́ lé e: "títìí ti ra". A kì í kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú kì í fò ó. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá, Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì, kò fẹnu kò lórí ohun tí ohùn yìí jẹ́ gan-an. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló kàn wá níhìn-ín. Ó ń fi hàn pé ibi tí olùwà parí sí nìyí. Ẹ sì kíyè sí i pé orí "títì" ló bọ́ sí, kì í ṣe orí "ẹgbẹ́", nítorí àpólà gígùn náà látòkèdélẹ̀ ni olùwà. Bó bá ti dún, "wọ́n" kò ní iṣẹ́ mọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pe àfiyèsí sí ẹgbẹ́, ẹ lè dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi kọ́mà síbẹ̀: "Ẹgbẹ́ wa, ó ti ra ilẹ̀." Ẹ má kàn fi "kò" tàbí "yóò" dán an wò, ohùn òkè yìí kì í jáde ṣáájú wọn.

"Ẹgbẹ́" àti "ìgbìmọ̀" lè gba "ó", wọ́n lè gba "wọ́n". Ohun tí wọ́n ṣe ni kí a wò. Ẹgbẹ́ ra ilẹ̀, ó sì fẹ́ kọ́lé: bí ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá jókòó tí ìjà bẹ́, "wọ́n bú ara wọn" ni à ń wí; ta ni yóò sọ pé ìgbìmọ̀ bú ara rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ìgbìmọ̀ ló ń bú ọmọ ìgbìmọ̀? Ọ̀wọ̀ tún ń da ọ̀rọ̀ rú. "Ìgbìmọ̀ tí Ìyálọ́jà yàn ti jókòó, wọ́n sì ní kí a sanwó." Ta ló ní kí a sanwó? Ó lè jẹ́ ìgbìmọ̀, ó lè jẹ́ Ìyálọ́jà fúnra wọn. Kí a dárúkọ ẹni tó sọ ọ́, ó tán.

"Ẹnikẹ́ni" ni ti ìkẹyìn. Ẹnì kan ni, bó ti wù kí ayé pọ̀ tó. Síbẹ̀ a ń kà á lára ògiri ọjà pé: "Ẹnikẹ́ni tí ó bá pàtẹ sójú títì, wọn yóò san owó ìtanràn." Mo fura sí ohun tó fà á. "Ó" kì í dúró ṣáájú "yóò". "Yóò san" là ń wí, kì í ṣe "ó yóò san". Ààyè náà wá dà bí òfìfo lójú akọ̀wé, ló bá fi "wọn" dí i. Kó yọ ọ́ kúrò: "Ẹnikẹ́ni tí ó bá pàtẹ sójú títì yóò san owó ìtanràn."

Lẹ́nu, mo ń gbọ́ "kálukú lọ sílé wọn", n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Inú òfin ẹgbẹ́ ni n kò ti gbà á. "Olúkúlùkù yóò san owó rẹ̀" yé tọmọdé tàgbà. Ẹ kọ "owó wọn" síbẹ̀, kí ẹ wá wo bí akápò yóò ṣe dá ẹni tó kọ́kọ́ dé dúró pé kó san ti gbogbo ẹgbẹ́.